Ìwé inú páálí oògùn orókún màmá mi: kí ni «kọ́ntírà-índíkétẹ́ẹ̀dì» túmọ̀ sí gan-an?

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Orókún ń dun màmá mi gan-an, ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra íbúpùrófẹ̀nì fún wọn, èyí tí hóró kan jẹ́ 400 mílígíráàmù. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń lò ó, orókún náà sì ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Àná ni mo tú ìwé pélébé inú páálí náà wò. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé oògùn yìí «kọ́ntírà-índíkétẹ́ẹ̀dì» fún ẹni tó bá ní «hísítìrì pẹ́pútíìkì úlísà». Mo mọ̀ pé màmá ti ṣe ọgbẹ́ inú rí, àmọ́ ó ti pẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé «kọ́ntírà» ni kí nǹkan dojú ìjà kọ nǹkan, pé oògùn náà ń bá ọgbẹ́ inú jà ni, oore ló sì ń ṣe fún ikùn màmá. Ọkàn mi kò gbà á.

Ìkejì, ojú ìwé kan odidi ni wọ́n fi to sáìdì-ẹ́fẹ́ẹ̀tì sí. Mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún màmá, wọ́n ní bí mo bá ka èyí tó kù, àwọn kò ní fẹnu kan oògùn kankan mọ́ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè là á yé mi ní Yorùbá tí mo lè kà fún wọn?

Ọmọ_Olójà

Ẹ̀gbọ́n yín kò ṣì í pátápátá. Kọ́ntírà, «lòdì sí» ni. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí màmá má lo ó pọ̀ mọ́ oògùn ọgbẹ́ inú. Bí wọ́n bá ti fi wákàtí méjì sáàárín àwọn méjèèjì, kò sí ewu. Kí wọ́n sì jẹun dáadáa kí wọ́n tó gbé e mì.

Apòògùn_Àgbà

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí màmá dá hóró náà dúró ná, kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ti ta oògùn ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí n tó fẹ̀yìn tì, àṣìṣe tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe yìí kì í ṣe tuntun létí mi rárá.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa. Kí ẹ tó dé ibi tí kọ́ntírà-índíkéṣọ̀n wà, ẹ ó rí ibì kan lókè tí wọ́n kọ índíkéṣọ̀n nìkan sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe oògùn náà: ìrora oríkèé, ẹ̀fọ́rí, eyín dídùn, ibà. Índíkéṣọ̀n ni ìdí tí a fi lè fún ènìyàn ní oògùn. Kọ́ntírà-índíkéṣọ̀n wá ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fún un. Ìlò oògùn náà ni «kọ́ntírà» yẹn lòdì sí, kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá fẹ́ kà á fún màmá, ẹ kà á báyìí: «Èèwọ̀ ni oògùn yìí fún ẹni tó bá ti ṣe ọgbẹ́ inú rí.»

Ẹ̀yin Ọmọ_Olójà, ọ̀rọ̀ oògùn méjì tí a lò pọ̀ ní àkọlé tirẹ̀ nínú ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ oògùn tó ń da oògùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàmú. Èyí tí àbúrò wa kà yìí kò sọ̀rọ̀ oògùn méjì rárá. Ara ẹni tó fẹ́ lò ó ló ń bá wí, wákàtí tí a bá fi sáàárín kò sì lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ «hísítìrì» náà máa ń tan ènìyàn. A kọ́ ọ níléèwé pé ìtàn ni, torí náà ẹlòmíràn á rò pé ohun tó ti kọjá kò kan òun mọ́. Nínú ìwé oògùn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé àìsàn náà ti ṣe ọ́ rí, bó tilẹ̀ ti san.

Mo fẹ́ bi yín ní ohun mẹ́ta. Ta ló sọ pé ọgbẹ́ inú ni, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀? Oògùn wo tún ni màmá ń lò lójoojúmọ́? Hóró mélòó ni wọ́n ń lò nínú 400 yìí, ìgbà mélòó lóòjọ́?

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gba páálí náà lọ́wọ́ wọn.

Ní bí ọdún 12 sẹ́yìn, wọ́n ki rọ́bà kan tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu bọ ọ̀nà ọ̀fun wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí egbò lára ikùn. Wọ́n lo oògùn, ó san. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àyà tún ń ta wọ́n, wọ́n ní ó ti padà dé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n kàn ra oògùn mu ni.

Wọ́n ń lo lísínópùrìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní àràárọ̀.

Hóró méjì ní òwúrọ̀, méjì ní alẹ́. Ìdí ni pé nígbà tí orókún náà dùn wọ́n lọ́dún tó kọjá, méjì méjì ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Àbúrò, ẹ lọ wo páálí ti ọdún tó kọjá bí ó bá ṣì wà nílé. Ó ń ṣe mí bíi pé 200 ni.

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Háà! Mo rí i nínú dúrọ́ọ̀ wọn. 200 ni, mà. Funfun ni àwọn méjèèjì, bákan náà ni wọ́n sì tóbi.

Apòògùn_Àgbà

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí láti fi mọ dóséèjì, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye hóró ni dóséèjì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Hóró kàn jẹ́ ìkòkò tí oògùn wà nínú rẹ̀ ni. Nọ́ḿbà tó wà lára páálí ló ń sọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà. Hóró méjì tó jẹ́ 200 jẹ́ 400 mílígíráàmù. Hóró méjì tó jẹ́ 400 jẹ́ 800. Ọwọ́ màmá kò yí padà, oògùn ló di ìlọ́po méjì. 800 ní òwúrọ̀ àti 800 ní alẹ́ jẹ́ 1,600 lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ra íbúpùrófẹ̀nì fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún un kò gbọdọ̀ kọjá 1,200 láàárín wákàtí 24. Dókítà lè kọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń mójú tó, ìyẹn yàtọ̀.

Ohun mẹ́rin ni dóséèjì kó sínú: ìwọ̀n tí a ó lò lẹ́ẹ̀kan, bí ẹ̀ẹ̀kan ṣe gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì, ibi tí a kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́, àti iye ọjọ́ tí a fi lè lò ó. Ẹ ka ìlà yẹn nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ sì wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Mo rí i. Wọ́n ní hóró kan, «títí dé» ìgbà mẹ́ta lóòjọ́, kí ó tó wákàtí mẹ́fà ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí ènìyàn má lo ju mẹ́ta lọ ní wákàtí 24. Ṣé ìyẹn ni pé dandan ni kí ó pé mẹ́ta?

Apòògùn_Àgbà

Rárá o. «Títí dé» ni ògiri tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá, kò ní kí ẹ dé ìdí ògiri. Bí ìrora bá lọ lẹ́yìn ẹyọ kan, ó tán fún ọjọ́ yẹn. Ti oògùn ìrora nìkan ni mo ń sọ. Oògùn tí ń pa kòkòrò àìsàn àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gba irú èyí. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kí a lò.

Bí ènìyàn bá sì gbàgbé ti òwúrọ̀, kò gbọdọ̀ lo méjì lálẹ́ láti fi dí i.

Ìyá_Ìbejì_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ dóséèjì yìí ló kàn mí. Ti ọmọ mi jẹ́ olómi, ìwé náà sì ní 5 mílílítà. Ṣíbí tí mo fi ń ro nǹkan mu ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣé ó pé?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Kò pé, ìyá ìbejì. Ṣíbí ilé kò ní ìwọ̀n kan pàtó, ti ilé yìí lè gba 3, ti ilé kejì á gba 7. Ẹ lo ife kékeré tàbí sírínjì aláìlábẹ́rẹ́ tó bá ìgò náà wá, èyí tí wọ́n fa ìlà sí lára. Bí kò bá sí, ẹ béèrè ọ̀kan lọ́dọ̀ apòògùn. Ẹ mì ìgò náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí oògùn máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá mì í, omi lásán ni ọmọ yóò mu ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìgò bá sì kù díẹ̀, oògùn tó le ju agbára rẹ̀ lọ ni ẹ ó fún un.

Ìwọ̀n ìwúwo ọmọ ni kí ẹ sì tún sọ fún wọn. Ìbejì lè jẹ́ ọjọ́ orí kan náà kí ọ̀kan fúyẹ́ ju èkejì lọ.

Olùtọ́jú_Bàbá

Ẹ má bínú pé mo já sí i, ti sáìdì-ẹ́fẹ́ẹ̀tì tí màmá yín ń bẹ̀rù ló mú mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ka ìwé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún bàbá mi. Lísínópùrìlì náà ni. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀: òòyì, ikọ́ gbígbẹ, ojú àti ètè wíwú, kíndìnrín tó kọṣẹ́. Bàbá gbọ́, wọn kò sọ nǹkan kan. N kò mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń da hóró náà sínú kòtò. Oṣù kejì ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, a gbé wọn lọ, ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 190 lórí 110. Nígbà tí dókítà béèrè, wọ́n ní, «Ọmọ mi ló kà á fún mi pé yóò pa kíndìnrín mi.» Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín, ẹ má kà á fún màmá bí ẹni ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, olùtọ́jú bàbá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan, ó yẹ kí ẹni tó fún wọn ní oògùn náà ti bá wọn jókòó.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí mò ń tọ́jú nìyí: sáìdì-ẹ́fẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ tí a kò rán oògùn tó lọ ń jẹ́. A rán íbúpùrófẹ̀nì sí orókún, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà kọjá, ó sì ya ikùn àti kíndìnrín lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lò ó ni yóò rí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa wò. Wọ́n ní iye tí wọ́n dúró fún. Ibi tí ẹ bá ti rí «kọ́mọ̀n», ó ń ṣe ẹnì kan sí mẹ́wàá nínú 100. «Ọnkọ́mọ̀n» kò pé ẹnì kan nínú 100, ṣùgbọ́n ó tó ẹnì kan nínú 1,000. «Réà» kò pé ẹnì kan nínú 1,000. Ikọ́ gbígbẹ ti lísínópùrìlì wà lábẹ́ kọ́mọ̀n, ìyẹn ni pé nínú 100 ènìyàn, ó kéré tán 90 kò ní húkọ́ rárá. Bí ó bá sì mú bàbá, oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi rọ́pò rẹ̀ tí kì í fa ikọ́.

Ohun kan tún wà tí ìwé náà kò sọ síta: bí ó ṣe wọ́pọ̀ sí ni wọ́n sábà máa ń fi tò ó, kì í ṣe bí ó ṣe le sí. Èyí tó wà lókè pátápátá lè jẹ́ inú rírú lásán tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó sì wà nísàlẹ̀, tí kò wọ́pọ̀, lè jẹ́ èyí tí ènìyàn gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ti màmá Àbíkẹ́yìn, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà: ṣé ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé wọ́n bì, tí èébì náà sì dàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí? Ṣé òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde? Bí ọ̀kankan bá wà níbẹ̀, ẹ má dúró de ìdáhùn wa níbí, ẹ gbé wọn lọ lálẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ alájẹẹmu tó ní irin nínú, ẹ sọ ọ́, torí irin náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú.

Ọmọ_Olójà

Mo ti gbọ́ ti kọ́ntírà, mo gbà pé mo ṣì í. Àmọ́ ti oúnjẹ ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé kí a jẹun sí i kí ó má baà jẹ ikùn.

Apòògùn_Àgbà

Ó ń dín ríru inú àti títa kù, mi ò ní kí wọ́n má jẹun. Àmọ́ kì í ṣe pé hóró náà jókòó sórí ikùn tó ń há a bí ọ̀bẹ ló ń dá egbò sílẹ̀. Ara wa ní ohun kan tí ó ń ṣe. Níbi orókún, ohun yẹn ló ń mú ìrora àti wíwú wá. Níbi ikùn, irú rẹ̀ kan náà ló ń mú kí ìyọ̀yọ̀ tó bo ara ikùn nípọn, kí omi kíkan inú rẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Íbúpùrófẹ̀nì kò mọ orókún yàtọ̀ sí ikùn, ó dá a dúró níbi méjèèjì. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ gún irú oògùn yìí lábẹ́rẹ́, tí kò gba ẹnu kọjá rárá, ó ṣì lè ṣe ikùn léṣe. Oúnjẹ kò lè yọ màmá nínú èèwọ̀ yìí.

Díkùlófẹ̀náàkì àti asípírìnì, ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan fi rọ́pò èkejì. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí oògùn ọ̀fìnkìn náà, torí nígbà mìíràn íbúpùrófẹ̀nì wà nínú rẹ̀ tí orúkọ iwájú kò sì sọ ọ́.

Lísínópùrìlì tí màmá ń lò kì í ṣe kọ́ntírà-índíkéṣọ̀n pátápátá. Abẹ́ «kọ́ṣọ̀n» àti abẹ́ oògùn tó ń da oògùn láàmú ni ẹ ó ti rí i. Kọ́ṣọ̀n ni pé ó ṣeé lò bí ẹni tó mọ̀ bá ń ṣọ́ ọ. Íbúpùrófẹ̀nì lè mú kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, àwọn méjèèjì pọ̀ sì lè fìyà jẹ kíndìnrín, pàápàá fún àgbàlagbà tí kò mu omi tó. Bí wọ́n bá tún ń lo oògùn tó ń mú kí wọ́n tọ̀ púpọ̀, ó burú sí i. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò láàárín ọjọ́ méjì yìí. Kí wọ́n má sì dá lísínópùrìlì dúró o, íbúpùrófẹ̀nì nìkan la ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Mo bi wọ́n. Ìgbẹ́ kò dúdú, wọn kò bì, kò sí òòyì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àyà ń ta wọ́n díẹ̀ láti àná, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí wọ́n rò pé mo máa bá wọn wí.

Ìwé ti páálí 200 ti ọdún tó kọjá wà lọ́wọ́ mi náà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kò sọ ohun kan náà. Ọ̀kan ní ẹni tó bá ti ní ọgbẹ́ inú rí. Èkejì ní ẹni tó bá ti ní in «ìgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ». Ti màmá, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi kámẹ́rà rí i. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Apòògùn_Àgbà

Ẹ kà á dáadáa, àbúrò. Òótọ́ ni, àwọn tó ń ṣe oògùn kì í kọ ọ́ bákan náà. Bí ó bá jẹ́ èmi, ẹni ọdún 68 tó ń lo lísínópùrìlì, tí egbò wà lára ikùn rẹ̀ rí, mi ò ní dúró ka ìkejì.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Èmi kò ní sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí dókítà tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó sì fi oògùn tó ń dáàbò bo ikùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí dókítà wọn ló pinnu rẹ̀, kí ó sì mọ̀ nípa ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí wọn kò yẹ̀ wò yẹn. Ó lè jẹ́ òun ni ẹ̀ẹ̀kejì. Títa àyà tuntun yìí náà, kí wọ́n sọ ọ́.

Apòògùn_Àgbà

Mo gbà pé dókítà ni. Mi ò gbà pé kí wọ́n máa lò ó títí wọn ó fi rí dókítà.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ìyẹn, a jọ wà lójú kan náà.

Olùtọ́jú_Bàbá

Ti pípara ńkọ́? Bàbá mi ń fi jẹ́ẹ̀lì íbúpùrófẹ̀nì pa orókún.

Apòògùn_Àgbà

Èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara awọ kéré gan-an sí ti hóró, ọ̀pọ̀ dókítà sì fẹ́ràn rẹ̀ fún orókún àgbàlagbà. Síbẹ̀ ìwé rẹ̀ náà ní ìlà kọ́ntírà-índíkéṣọ̀n tirẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba asípírìnì, tàbí tí asípírìnì máa ń gbé ikọ́ fée rẹ̀ dìde. Ẹ kà á kí ẹ tó pa á.

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Mo padà dé. A lọ rí apòògùn tó wà nítòsí wa lówùúrọ̀ yìí, mo mú páálí méjèèjì àti ti lísínópùrìlì dání. Wọ́n ní kí màmá fi íbúpùrófẹ̀nì sílẹ̀, kí wọ́n lo parasítámọ́ọ̀lù ná: hóró 500 méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tún lò ó, kí ó má ju hóró mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Mo béèrè iye ọjọ́, wọ́n ní títí di ọjọ́ tí a ó rí dókítà, ìyẹn ọ̀túnla. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, 158 lórí 92. Ní oṣù tó kọjá, 136 ni ti òkè. Wọ́n ní a ó tún un yẹ̀ wò lọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbà. Wọ́n ní orókún tí oògùn tó dáa ti ń wò sàn ni mo tún fẹ́ bà jẹ́. Mo ka ìlà índíkéṣọ̀n àti ti kọ́ntírà-índíkéṣọ̀n fún wọn tẹ̀lé ara wọn lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ bi dókítà sílẹ̀: ọgbẹ́ ọdún 12 sẹ́yìn, àyà títa ti ọdún mẹ́rin, ti àná, hóró mẹ́rin oníwọ̀n 400 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, lísínópùrìlì, àti ti jẹ́ẹ̀lì yẹn. Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, ṣé ohun kan ṣì kù tó yẹ kí n fi sí i?

Apòògùn_Àgbà

Ẹ fi gbogbo àgbo àti egbòogi tí màmá ń mu sí i, kódà èyí tí wọn kò ka sí oògùn. Kí ẹ sì mú páálí náà gan-an lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí ẹ há sórí.

Àbíkẹ́yìn_Màámi

Ẹ ṣé, sà. Mo ti kó wọn sínú báàgì màmá.